Ọpọ́n Ayò ní Ọ̀sán, Àlọ́ ní Alẹ́: Ìdíje Òpin Ọ̀sẹ̀ fún Ilé Tí Ọjọ́ Orí Ọmọ Kò Dọ́gba

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé iṣẹ́ ilé nìkan ni òwe yìí ń bá wí, ṣùgbọ́n ó kan eré pẹ̀lú. Nínú agbo ilé àtijọ́, ì báà jẹ́ ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ọdún 4, ọmọ ọdún 10 àti ọmọ ọdún 15 a máa jókòó pọ̀ nídìí eré kan náà, ìyá àgbà a sì wà láàrin wọn. Ohun tí ó mú kí èyí ṣeé ṣe ni pé iṣẹ́ wọn nídìí eré náà kò jọra. Olúkúlùkù wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, bí ẹnìkan bá sì kúrò ní ipò rẹ̀, eré yóò dúró.

Ó yẹ kí a rántí èyí lákòókò tí ọ̀pọ̀ òbí ń wá ọ̀nà láti pa fóònù àti tẹlifíṣọ̀n tì ní òpin ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà náà gba àkókò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń kó wọn jọ sójú kan. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè wà ní àdúgbò, kí tọmọdé tàgbà kún inú yàrá, kí àwọn aládùúgbò sì máa yọjú láti ojú fèrèsé. Fóònù ni ó tú agbo náà ká. Ọmọ kékeré ní àwòrán tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní eré bọ́ọ̀lù tirẹ̀, àgbà nínú wọn sì ní ọ̀rọ̀ tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn òbí nímọ̀ràn pé kí ọmọ ọdún 2 sí 4 má ṣe jókòó ti àwòrán ojú ẹ̀rọ ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́, àti pé bí ó bá tilẹ̀ dín sí i, ó tún sàn jù. Ìmọ̀ràn rere ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó kù fún òbí ni èyí: bí a bá gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ mẹ́ta tí ọjọ́ orí wọn jìnnà síra, kí ni a ó fi lé wọn lọ́wọ́ tí yóò tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn?

Ibi tí ìdíje ti ń bàjẹ́

Ẹ jẹ́ kí a mú ìdílé kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń gbé, kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán. Bàbá jẹ́ olùkọ́, ìyá sì ń ta aṣọ. Wọ́n bí ọmọ mẹ́ta: ọmọbìnrin ọdún 15 tí ó wà ní ilé-ìwé gíga, ọmọkùnrin ọdún 10, àti àbíkẹ́yìn ọmọbìnrin ọdún 4. Ìyá tí ó bí bàbá wọn wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìrìn àjò nǹkan bí 50 kìlómítà sí wọn.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n dán an wò, bàbá kó gbogbo fóònù pamọ́, ó sì ṣe ètò ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn. Kí wákàtí kan tó pé, ìdíje ti fọ́. Èyí àgbà ni ó ń dáhùn gbogbo ìbéèrè, nítorí òun ni ó ti kàwé jù. Èyí àárín ń bínú pé wọn kò jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀. Èyí kékeré ń sunkún, nítorí kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń wí. Nígbà tí bàbá wá ń bi ìbéèrè tí ọmọ ọdún 4 lè dáhùn, èyí àgbà dìde, ó lọ sùn.

Nígbà tí wọ́n ròyìn fún ìyá àgbà, ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ rín. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni ẹ fi wọn ọmọ mẹ́ta. Ẹ gbé ọpọ́n ayò fún wọn ní ọ̀sán, kí ẹ pa àlọ́ fún wọn ní alẹ́. Ṣé bí a ti ṣe tọ́ ẹ̀yin náà nìyẹn?”

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí gba àlàyé. Ìdíje tí ó bá béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ gbogbo ọmọ yóò jẹ́ ti ẹni tí ó dàgbà jù. Èyí tí ó bá sì rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún èyí kékeré yóò sú èyí àgbà. Ayò àti àlọ́ kò ní àléébù yìí, nítorí ipò púpọ̀ ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ọpọ́n ayò ní ọ̀sán

Ìdílé náà fi ìdíje kejì sí agogo 4 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta títí di agogo 6 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Igbá ọlọ́mọrí ni wọ́n kó fóònù sí, ti bàbá àti ti ìyá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Fóònù kékeré kan tí kò ní àwòrán ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìpè pàjáwìrì. Èyí àgbà ti parí iṣẹ́ ilé-ìwé tí olùkọ́ fi ránṣẹ́ sórí fóònù kí agogo 4 tó lù, kí ó má baà rí àwáwí.

Ọpọ́n ayò ní ihò 12, mẹ́fà-mẹ́fà ní apá méjèèjì. Ihò kọ̀ọ̀kan ni a ó máa pè ní ilé nínú àlàyé yìí. Ọmọ ayò 48 ni a ń lò, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò gidi jẹ́ èso líle aláwọ̀ eérú tí ó ń so nínú èèpo ẹlẹ́gùn-ún. Ẹni tí kò bá ní ọpọ́n lè gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ kí ó sì ṣa òkúta wẹ́wẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọdé ti máa ń ṣe. Páálí ẹyin tí ó ń gba ẹyin 30 náà wúlò: ìlà 5 ni ó ní, ihò 6 sì wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá gé ìlà 2 kúrò lára rẹ̀, ọpọ́n ti dé. Ìkìlọ̀ kan wà níbí o: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 kò gbọdọ̀ wà nídìí ọmọ ayò láìsí àgbà nítòsí rẹ̀, nítorí ó lè jù ú sẹ́nu kí ó há a lọ́fun.

Ọmọ ọdún 4 ni ó kọ́kọ́ níṣẹ́. Òun ni ó ń pín ayò sínú ilé, mẹ́rin-mẹ́rin, tí ó sì ń kà á sókè. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀, òun ni olùtọ́jú àwo méjì tí a ń kó ayò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá jẹ sí. Bí eré bá parí, òun àti bàbá rẹ̀ yóò jọ ka gbogbo rẹ̀. Bí ó bá pé 48, ó ti yege. Bí ó bá dín, ọmọ ayò kan ti sọnù sábẹ́ ẹní, eré mìíràn kò sì ní bẹ̀rẹ̀ àfi bí ó bá rí i. Kì í ṣe iṣẹ́ tí a kàn fi tan ọmọdé jẹ ni èyí. Bí ìwọ̀nyí kò bá pé, ayò kò ṣeé ta, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn méjì yòókù ni ó ń ta ayò. Ẹni tí ó kàn yóò kó gbogbo ayò inú ilé kan ní apá tirẹ̀, yóò sì máa jù ú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ilé tí ó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni yóò gbà, yóò sì yí sí apá ẹnìkejì. Bí ẹyọ ìkẹyìn bá bọ́ sí ilé ọ̀tá rẹ̀, tí ohun tí ó wà níbẹ̀ sì di 2 tàbí 3, ó jẹ ẹ́ nìyẹn. Bí ilé tí ó wà lẹ́yìn èyí náà bá ní 2 tàbí 3, tí ó sì jẹ́ ti ọ̀tá, yóò jẹ ẹ́ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa padà sẹ́yìn títí yóò fi kan ilé tí iye rẹ̀ kò jẹ́ 2 tàbí 3. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jẹ 25 ni ó borí, nítorí ó ti ju ìdajì 48 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibì kan tí ọmọ ọdún 10 dé nínú eré wọn. Bí a bá ka ilé rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, ilé 5 ní ayò 3, ilé 6 sì ní ẹyọ 1. Ní apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ilé àkọ́kọ́ tí ó kọjú sí ilé 6 yìí ní ẹyọ 1, èyí tí ó tẹ̀ lé e ní 2, ẹ̀kẹta sì ní 5. Ọwọ́ ọmọ náà yára lọ sí ilé 6, nítorí ó rí i pé ẹyọ 1 tí ó wà níbẹ̀ yóò bọ́ sí ilé àkọ́kọ́ ẹ̀gbọ́n òun, yóò sọ ọ́ di 2, òun yóò sì jẹ ẹ́. Lóòótọ́, ayò 2 ni yóò jẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní sùúrù, kí ó kó ayò 3 inú ilé 5, ẹyọ kan yóò bọ́ sí ilé 6 tirẹ̀, ẹyọ kejì yóò sọ ilé àkọ́kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di 2, ẹyọ kẹta yóò sì sọ ilé kejì di 3. Yóò jẹ 3, yóò padà sẹ́yìn, yóò jẹ 2 mọ́ ọn. Ayò 5 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó kánjú jẹ 2, ẹni tí ó ṣírò jẹ 5, láti ojú ọpọ́n kan náà.

Nípa ti ọmọ ọdún 15, òfin méjì ni a fi kún tirẹ̀ kí eré má baà rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Èkíní ni pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ayò àfi bí ó bá kọ́kọ́ sọ ilé tí ẹyọ ìkẹyìn yóò bọ́ sí. Bí ó bá ṣì í sọ, ó ti pàdánù ìgbà tí ó kàn án. Òfin yìí le jù nígbà tí odù bá wà níwájú rẹ̀, èyíinì ni ilé tí ayò inú rẹ̀ ti pé 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ta odù yóò yí gbogbo ọpọ́n ká, yóò sì fo ilé tí ó ti kó o. Nítorí náà, bí odù bá jẹ́ 12 gẹ́ẹ́, ẹyọ 11 yóò kárí ilé 11 yòókù, èkejìlá yóò sì bọ́ sí ilé tí ó tẹ̀ lé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbàgbé láti fo ilé náà ni yóò ṣì í sọ.

Òfin kejì ni ìrànlọ́wọ́ fún àbúrò. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n yóò kó ayò 4 inú ilé kan tirẹ̀ sínú àwo àbúrò rẹ̀. Bí àbúrò bá borí lẹ́ẹ̀mejì léra, ìrànlọ́wọ́ yóò dín sí 3, lẹ́yìn náà sí 2, títí yóò fi tán. Bí ó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì léra, yóò gbà á padà ní ẹyọ kan. Báyìí ni ìwọ̀n yóò ṣe máa tọ́ ara rẹ̀, tí kò fi ní sí ẹni tí yóò mọ̀ dájú pé òun ni yóò borí. Bí òbí bá kíyè sí i pé ẹnìkan ń borí nígbà gbogbo, kì í ṣe ọmọ ni ó ní ẹ̀bi. Ìwọ̀n ìrànlọ́wọ́ ni kò tíì bá a mu.

Òfin kan tún wà tí àwọn àgbà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bí ilé ọ̀tá bá ṣófo pátápátá, ẹni tí ó kàn gbọ́dọ̀ ta ayò tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí irú rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. A kì í febi pa alátakò nídìí ayò. Nídìí ọpọ́n yìí, àbúrò pariwo nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ dọ́gbọ́n yẹ òfin náà: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi ní oúnjẹ!” Bàbá sì dá a láre.

Ìṣòro tí ó ṣẹ́ kù ni pé sùúrù ọmọ ọdún 4 kò tó eré méjì léra. Bí eré kan bá parí, tirẹ̀ ni ó kàn. Wọn a di í lójú, a ti ọwọ́ bọ ilé kan, a sì sọ iye ayò tí ó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó tú u lójú. Iye tí kò ju 5 lọ ni kí a fi síbẹ̀ fún un. Ìṣẹ́jú 5 tó fún èyí, kí ó tó padà sídìí àwo rẹ̀.

Àlọ́ ní alẹ́

Àṣà Yorùbá kò gbà kí a pa àlọ́ ní ọ̀sán. Ọ̀sán jẹ́ ìgbà iṣẹ́, àwọn àgbà sì fi èèwọ̀ dáàbò bo àkókò yìí kí ọmọdé má baà fi ìtàn pa oko tì. Òfin yìí wúlò fún ìdíje òpin ọ̀sẹ̀, nítorí ó ń jẹ́ kí ọmọ ní ohun tí yóò máa retí. Bí ó bá ku díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú, wọn yóò gbé ọpọ́n kúrò, wọn yóò jẹun, wọn yóò sì jókòó sórí ẹní. Bí iná mànàmáná kò bá sí, kò burú. Àtùpà kan tó.

Àlọ́ àpamọ̀ ni ó máa ń ṣíwájú, nítorí òun ni ó ń ta ọpọlọ jí. Ìdílé yìí fi òfin ìtò sí i: èyí kékeré ni a ó kọ́kọ́ fún láyè. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò fi ìka wọn ka 10 láìsọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lè dáhùn. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, ó jẹ́ tirẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, yóò kan èyí àárín, yóò sì ka 10 bákan náà. Èyí àgbà ni ó máa ń kàn gbẹ̀yìn. Nítorí pé kò rọrùn fún un láti máa dákẹ́, a fún un ní iṣẹ́ mìíràn tí ó le jù: òun ni yóò máa hun àlọ́ tuntun láti inú ohun tí ojú gbogbo wọn lè rí nínú ilé.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, ó hun ọ̀kan fún èyí àárín. Ó ní, “Ilé méjìlá, kò sí ilẹ̀kùn, àlejò méjìdínláàádọ́ta ń wọlé, wọ́n ń jáde, ẹsẹ̀ wọn kò kanlẹ̀.” Ọmọ ọdún 10 fò sókè pé, “Ọpọ́n ayò ni!” Ó hun èkejì fún gbogbo wọn: “A bẹ́ ẹ lórí, kò ṣẹ̀jẹ̀, a kó ìfun rẹ̀ dànù, kò kú, ó di ẹni tí a fi ń bu omi mu.” Èyí kékeré wo yàrá yíká, ó sì nawọ́ sí igbá tí fóònù wà nínú rẹ̀. Ìyá wọn fi kún un pé nítorí igbá ni orúkọ Ọ̀yọ́ ṣe kàn láàrin àwọn ọnà, pé àwọn afíngbá ìlú náà ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ọnà sára rẹ̀.

Ohun tí ń ba àlọ́ àpamọ̀ jẹ́ ni pé kí ẹni tí ó hun ún fi ohun tí kò sí nítòsí ṣe ìdáhùn. Ọmọ yóò méfò títí yóò fi sú u. Ọ̀nà tí a fi ń mọ àlọ́ tí ó dára ni pé bí a bá sọ ìdáhùn rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò lu ara rẹ̀ lórí pé ojú òun ni ó wà láti àárọ̀. Bí ó bá dákẹ́ tí ó ń béèrè àlàyé, àlọ́ náà kò tọ́.

Àlọ́ àpagbè ni ó kàn. Bí apàlọ́ bá ní, “Ààlọ́ o!” tí gbogbo ilé sì dáhùn pé, “Ààlọ̀!”, agbo ti pé. Ìtàn Ìjàpá àti oníṣègùn ni bàbá pa lálẹ́ yìí, èyí tí Ìjàpá ti gba ọbẹ̀ tí a sè fún Yánníbo aya rẹ̀ nítorí ọmọ, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ ẹ́, tí ikùn rẹ̀ sì ń wú. Orin ni ó mú kí ìtàn yìí bá gbogbo ọjọ́ orí mu. Ègbè orin náà kúrú, ó sì ń padà wá. Ọmọ ọdún 4 kò lè sọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ègbè dé lẹ́ẹ̀kẹta, òun ni ohùn rẹ̀ ròkè jù. Apàlọ́ tí ó bá yára kọjá orin láti lè tètè parí ìtàn ti lé ọmọ kékeré jáde nínú agbo láìmọ̀. Bí ọmọ kékeré bá ń sùn kí ìtàn tó dé ìdajì, kí a wò ó bóyá orin ni ó pẹ́ jù kí ó tó dé.

Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́

Ìdíje náà kò parí ní ọjọ́ Àìkú. Àdéhùn ni pé ní òpin ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, wọn yóò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ọdún 10 yóò sì pa àlọ́ náà fún ìyá àgbà. Fún ọjọ́ méje, ìtàn náà yóò wà ní orí rẹ̀ nìkan. Iṣẹ́ ti ọmọ ọdún 15 ni láti kọ ohun tí ìyá àgbà bá fi kún un sínú ìwé, pẹ̀lú àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí kékeré ni yóò lé ègbè.

Alẹ́ ọjọ́ náà pé. Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí, ó tẹ́tí sí ohun mẹ́ta: ìtò ìtàn, ipò orin, àti ìdí tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà mọ ìtò dáradára. Orin náà bọ́ sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó sọ pé Ìjàpá gba ọbẹ̀, ó sì jẹ ẹ́, ìyá àgbà gbé ọwọ́ sókè.

“Ọkọ mi, kí ló mú un jẹ ẹ́?”

“Ọ̀kánjúwà ni, Ìyá.”

“Ọ̀kánjúwà náà ni. Ṣùgbọ́n ibo ló gbà wọlé?”

Ọmọ náà dákẹ́. Àbúrò rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń ka ìka rẹ̀ títí di 10. Nígbà tí ó pé, ó ní gbòǹgbò igi ni ó gbé Ìjàpá ṣubú lọ́nà, tí ọbẹ̀ fi ta sí i lọ́wọ́, tí ó lá ọwọ́ rẹ̀, tí ó sì mọ̀ pé ó dùn. Ìyá àgbà mi orí. Ó ní bí a bá yọ gbòǹgbò yẹn kúrò, ìtàn náà kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́, nítorí ẹni tí ó bá jẹ ohun èèwọ̀ kì í sábà jókòó pinnu rẹ̀. Ó máa ń kọ́kọ́ lá ọwọ́ ni. Ó wo ẹ̀gbọ́n àgbà bí ó ti ń sọ bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin náà sì rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fóònù ni ìyá ń bá wí.

Ibí yìí ni a ti rí ohun tí ó lè sọnù. Bàbá tí ó pa àlọ́ náà ní Ọ̀yọ́ sọ ti gbòǹgbò igi, ọmọ rẹ̀ sì gbàgbé rẹ̀ láàrin ọjọ́ méje péré. Bí kò bá sí ìyá àgbà tí yóò béèrè, bí ọmọ náà yóò ṣe pa á fún ọmọ tirẹ̀ lọ́jọ́ iwájú nìyẹn. Ọ̀mọ̀wé Adébóyè Babalọ́lá ṣe iṣẹ́ ńlá nígbà tí ó gbé Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá jáde ní ọdún 1973, ìdílé tí ó bá sì ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè fi ṣe àyẹ̀wò ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nítorí kíkà kì í ṣe pípa. Síbẹ̀, ìwé kò lè gbé ọwọ́ sókè láti béèrè, “Kí ló mú un jẹ ẹ́?”

Ìwé tí ọmọ ọdún 15 kọ lálẹ́ ọjọ́ náà kò ju ojú ewé méjì lọ. Àmì ohùn rẹ̀ kò pé, bàbá rẹ̀ tí ó jẹ́ olùkọ́ sì fi gègé tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà níbẹ̀ tí ìyá àgbà lò, tí àwọn ọmọ kò gbọ́ rí ní Ọ̀yọ́, ó sì fàlà sábẹ́ wọn kí ó lè béèrè ìtumọ̀ wọn ní òwúrọ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́

Kì í ṣe gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni yóò rí báyìí. Bí èyí àgbà bá ń múra ìdánwò, ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo tó. Bí ó bá jẹ́ ọmọ méjì ni ó wà nílé, òbí kan yóò gba ipò kẹta. Bí òbí bá sì ń yọ fóònù tirẹ̀ wò nínú yàrá, kí ó mọ̀ pé ìdíje ti parí, nítorí àwọn ọmọ yóò rí i.

Àmì tí a fi ń mọ̀ pé ó ń lọ déédéé kì í ṣe pé ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ariwo yóò wà, nítorí ìdí ayò kò gba ìdákẹ́jẹ́. Àmì rẹ̀ ni pé èyí kékeré yóò máa ka ayò láìjẹ́ pé a sọ fún un, èyí àárín yóò máa dá ọwọ́ dúró kí ó tó ta, èyí àgbà yóò sì máa ka ìka rẹ̀ títí di 10 kí ó tó sọ̀rọ̀, kódà nígbà tí kò sí àlọ́ nílẹ̀.

Ní agogo 6 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, bàbá ṣí ọmọrí igbá. Èyí àgbà mú fóònù rẹ̀, ó sì wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí àbúrò rẹ̀ ti borí lẹ́ẹ̀mejì léra, ìrànlọ́wọ́ ti dín sí 3, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá yóò tún lè borí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ ọdún 4 ti bẹ̀rẹ̀ sí pín ayò sínú ilé, mẹ́rin-mẹ́rin.